"Tenía" ni àbí "tuve"? Bí "ń" tó wà nínú Yorùbá ṣe ń dí àlàfo èdè Sípéènì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ èdè Sípéènì. Wọ́n ní kí a fi pretérito tàbí imperfecto, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì fún ohun tó ti kọjá, dí àlàfo inú ìtàn yìí:

"Cuando yo ___ (tener) diez años, mi familia ___ (vivir) en Ikere. Todos los sábados mi abuela ___ (machacar) ñame. Un sábado ___ (llover) mucho y ella ___ (cocinar) cuando ___ (caer) un árbol. Yo no ___ (saber) qué hacer. ___ (llover) tres horas. Al día siguiente mi madre ___ (saber) la noticia."

Pretérito ni mo fi sí gbogbo rẹ̀, mo sì kùnà mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án. Ṣebí ohun tó ti kọjá ti kọjá ni, kí ló dé tí wọ́n fi pín in sí méjì?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ti kọ́ ìpín yìí rí. Inú kíláàsì Yorùbá lo ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ibá ìṣẹ̀lẹ̀. "Igi wó" jẹ́ adáwà. "Ó ń gún iyán" jẹ́ atẹ́rẹrẹ, "ó máa ń gún iyán" sì jẹ́ bárakú, àwọn méjèèjì la sì ń pè ní àìṣetán. Pretérito ló sún mọ́ adáwà wa. Imperfecto ló kó atẹ́rẹrẹ àti bárakú pọ̀. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ aṣetán tàn ọ́ o: "igi ti wó", tó jẹ́ aṣetán, kò sí nínú méjèèjì, "ha caído" tàbí "había caído" ni tiẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó kọ ohunkóhun, kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní Yorùbá bí ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe sọ ọ́ fún ará ilé. Ìdílé mi ń gbé Ìkẹ́rẹ́: vivía. Gbogbo Sátidé ni ìyá àgbà máa ń gún iyán: machacaba. Òjò ń rọ̀, ìyá àgbà sì ń se oúnjẹ, àfi gbì! Igi wó. Llovía, cocinaba, cayó. Gbìyànjú kí o fi "ń" sí ti igi náà, kí o sọ pé "igi ń wó". O rí i pé igi ò tíì dé ilẹ̀? Ohun tí "caía" yóò sọ fún ẹni tó ń ka Sípéènì nìyẹn, ìtàn yóò sì dúró sójú kan, nítorí òjò àti oúnjẹ kàn ń lọ ni, igi tó wó ló gbé ìtàn síwájú.

Ibi tí "ń" ti já àwa ọmọ Yorùbá kulẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi "mọ̀", "ní", "fẹ́" àti "jẹ́". Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mo ń mọ̀". Tí o bá wá "ń" tì, o máa rò pé pretérito ni, ibẹ̀ gan-an lo sì ti gbé e. Fún irú wọn, "wá" ni kí o fi dán an wò. "Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe": àìmọ̀ náà ti wà níbẹ̀, kò sí "wá", sabía ni. "Lọ́jọ́ kejì, màmá mi wá mọ̀": ìgbà náà ni ìròyìn dé etí rẹ̀, supo ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "conocía" ṣe jẹ́ pé o mọ ẹnì kan tẹ́lẹ̀, tí "conocí" sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mọra. "No quería" ni kò fẹ́, "no quiso" ni ó kọ̀ jálẹ̀. Ti ọjọ́ orí rọrùn: o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá kí igi tó wó, tenía ni.

Ó ku òjò kejì, tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, nítorí wọ́n rò pé ohun tó bá pẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ imperfecto. Pípẹ́ kọ́ ni wọ́n ń wò. "Tres horas" ti fi òpin sí òjò náà, o mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dá, torí náà llovió. Ẹni tó lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé pàápàá, "vivió cien años" ni wọ́n ń sọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ há àtòjọ ọ̀rọ̀ àmì sórí, pé "todos los días" ń bá imperfecto rìn. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wo èyí: "Esa semana fui al mercado todos los días." Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ó sì ti parí. Yorùbá rẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: "Lọ́sẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni mo lọ sọ́jà." Ṣàkíyèsí pé o ò sọ "máa ń lọ".