Owó Tí Kì í Padà Sọ́wọ́ Ẹni: Bí Adójútòfò Ìlera Ṣe Dé Àárín Àgbẹ̀ àti Ọlọ́jà

Ọlọ́jà tó ti dá àjọ rí ò nílò àlàyé púpọ̀. Alájọ á wá síbi ìsọ̀ láàárọ̀, á gba owó, á sàmì sí káàdì. Bóṣù bá parí, á kó owó lé ọ lọ́wọ́, á yọ ti ọjọ́ kan fún wàhálà ara rẹ̀. Èsúsú náà ò yàtọ̀ púpọ̀: bó pẹ́ bó yá, yóò kàn ọ́ láti kó. Owó rẹ ni, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń padà sí.

Ibi tí adójútòfò ìlera ti ṣòro láti tà fún wa nìyẹn. Tí o bá san án tí o ò ṣàìsàn, owó ti lọ nìyẹn. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde nípàdé ni pé, "Tára mi bá le títí ọdún fi yí po ńkọ́, ṣé ẹ máa dá a padà?" Wọn ò ní dá a padà. Ẹlòmíì ló ti fi tọ́jú ibà.

Ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ní Áfíríkà ni Bwamanda, ní orílẹ̀-èdè Sáírè, tá a ń pè ní Kóńgò báyìí. Lọ́dún 1986, ilé ìwòsàn ìgbèríko kan níbẹ̀ ní káwọn àgbẹ̀ máa dáwó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Iye tí wọ́n dá lé ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ju owó kílò ẹ̀wà sóyà méjì lọ. Ohun méjì ni wọ́n ṣe tó mú un dúró. Àkọ́kọ́, àkókò kúkúrú kan lọ́dún ni wọ́n ń gbowó. Ìkejì, gbogbo ilé pátá ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Èyí ìkejì yìí ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi. Tó o bá gbà kí bàbá kọ orúkọ ọmọ tó ń wúkọ́ nìkan, kó fi àwọn tára wọn le sílẹ̀, aláìsàn nìkan ni yóò kún inú ìwé, àpò á sì gbẹ kí ọdún tó dé ìdajì.

Ní Nàìjíríà, ètò ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí pé owó oṣù wọn wà níbi téèyàn ti lè gé e. Ta ló fẹ́ gé owó oṣù alátà?

Ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Hygeia àti àpò ìrànwọ́ kan láti Nẹ́dálándì gbé ètò kan kalẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ Shonga. Ní 2009, ó dé Àfọ̀n àti agbègbè rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Ẹnì kan ń san 300 náírà lọ́dún nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá san án, 300,000 náírà ni. Ṣùgbọ́n 300 náírà yẹn ò ju bíi 7 lọ nínú 100 iye tí ìtọ́jú ẹnì kan ń ná ètò náà. Ìjọba àti àwọn ará Nẹ́dálándì ló ń di ìyókù. Ìdáwó àgbẹ̀ nìkan ò lè gbé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi ń wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Àìsàn yìí kì í dunni, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ rà á á ra ti ọ̀sẹ̀ kan, tí nǹkan kan ò bá dùn ún, á dá a dúró. Àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní agbègbè Àfọ̀n ní 2009, wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní 2011, wọ́n sì ṣe bákan náà ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí ètò náà ò dé. Nínú nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń kọ tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti òkè sọ̀kalẹ̀ ní bíi 10 ní Àfọ̀n, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní bíi 5 ní Àjàṣẹ́. Àwọn tí kò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè Àfọ̀n wà nínú ìṣirò yẹn o.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ètò Kwara yìí gbà. Kò gba jẹjẹrẹ, kò sì gba fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tí wọn ò ṣàlàyé èyí fún kó tó sanwó ló máa ń bínú jù lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ń kú lọ, ẹ wo àwọn tó padà wá tún káàdì wọn ṣe. Tó bá jẹ́ aboyún àtàwọn tó ń loògùn lójoojúmọ́ ló kù, àwọn ara líle ti sá nìyẹn. Àkókò tí wọ́n ń béèrè owó náà máa ń fà á: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó ra irúgbìn ní oṣù karùn-ún ò ní náírà kan lọ́wọ́, àmọ́ owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá tajà oko tán.

Nígbà tó yá, ìjọba Kwara gbé àjọ adójútòfò tirẹ̀ kalẹ̀. Ní 2022, òfin àpapọ̀ tuntun sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn. Síbẹ̀ alátà ò ní owó oṣù tí wọ́n lè gé. Ẹnì kan ṣì ní láti rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, bí alájọ.