Ámù àti káálù: ṣé "ọ́ńkù" náà ni méjèèjì?

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, títí kan àwọn tó lọ ilé-kéú dáadáa, pé "ámù" àti "káálù" lédè Lárúbáwá, nǹkan kan náà ni, pé ọ́ńkù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn Lárúbáwá kàn fẹ́ràn kí nǹkan kan lórúkọ méjì mẹ́ta ni. Mo mọ ibi tó ti ń wá. Tíṣà á kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ámù, ọ́ńkù, káálù, ọ́ńkù, ámátù, àǹtí, káálátù, àǹtí, àwọn ọmọ á kọ́ ọ sórí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti di méjì nìyẹn kí wọ́n tó délé.

Ámù ni ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọbàkan bàbá ẹ. Ámátù ni obìnrin tó wà nípò yẹn. Káálù ni arákùnrin ìyá ẹ, káálátù ni arábìnrin ìyá ẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè Lárúbáwá tó kó ámù àti káálù pọ̀ bíi ọ́ńkù táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ yẹn.

Ohun tó ń dà á rú mọ́ wa lójú ni pé ibòmíì ni Yorùbá ń wò ní tiwa. Tó o bá ní "ẹ̀gbọ́n bàbá mi", o ti sọ ìhà tó ti wá, o sì ti sọ pé ó ju bàbá ẹ lọ, àmọ́ o ò tíì sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Lárúbáwá tó bá sọ "ámù" ní tiẹ̀ ti sọ ìhà, ó ti sọ pé ọkùnrin ni, àmọ́ èwo nínú òun àti bàbá ẹ ló dàgbà jù? Kò kàn án. Tó bá wá di ká pe èèyàn lójúkojú, àwa kì í tiẹ̀ dárúkọ ìhà kankan, Bọ̀dá ni, Àǹtí ni, Dádì Ìbàdàn, Màmá Abẹ́òkúta, ọmọ á dàgbà tán kó tó mọ̀ pé Dádì Ìbàdàn ò bá bàbá òun tan rárá, ìyá ló bá tan.

Lórí àwọn mẹ́rin yẹn ni wọ́n tún ti ń ṣẹ̀dá ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kọ́sìn. Ọmọkùnrin ámù ni íbínù ámù, ọmọbìnrin ẹ̀ ni bíntù ámù, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ṣe é fún ámátù, káálù àti káálátù, ó di mẹ́jọ. Nínú Súrà Al-Ásáàbù, ẹsẹ 50, Alùkùránì dárúkọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ámù, ọmọ ámátù, ọmọ káálù, ọmọ káálátù. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ kan ì bá ti tó.

Ibi tó ti ń di ọ̀rọ̀ owó ni ogún. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin Mùsùlùmí kan kú, bàbá àti ìyá ẹ̀ ti kú ṣáájú, àwọn òbí àgbà náà ti lọ, òun nìkan ṣoṣo làwọn òbí ẹ̀ bí, kò lẹ́gbọ́n kò lábúrò rí. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀ àti ọmọbìnrin kan, kò lọ́mọkùnrin. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó kù ni ámù kan tó jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá bàbá ẹ̀, ámátù kan, àti káálù kan tó tọ́ ọ dàgbà, tó rán an níléèwé. Wọ́n san gbèsè tán, wọ́n sìnkú tán, ó ku mílíọ̀nù 2.4 náírà. Ní ìlànà àwọn Súnì, ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ torí pé ọmọ wà, 300,000 nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo gba ìdajì, 1,200,000. Ó ṣẹ́ ku 900,000, ámù ló kó gbogbo ẹ̀. Káálù tó rán an níléèwé ò gba kọ́bọ̀.

Wàyí o, ẹ má tíì sọ pé "ehn, ìhà bàbá ló ń jogún nìyẹn", torí ámátù náà ò gba nǹkan kan, ìhà bàbá sì ni òun náà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá obìnrin dá okùn tó so èèyàn mọ́ olóògbé. Ọkùnrin nìkan ló wà láti orí ámù dé orí olóògbé, ìdí nìyẹn tó fi wà nínú àwọn tó ń kó ohun tó ṣẹ́ kù. Kódà tó bá jẹ́ pé ámù yẹn, iyekan bàbá ẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ìyá nìkan ló pa wọ́n pọ̀, òun náà ò ní gba nínú 900,000 yẹn. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ ogún pín kì í fi í gbọ́ "ámù" kí wọ́n dákẹ́, wọ́n á bi ẹ́ pé ámù báwo? Àwa tá a ní ọbàkan àti iyekan nínú èdè wa, ìbéèrè yẹn ò yẹ kó ṣòro fún wa.

Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ámù ló máa ń borí níbi gbogbo, kó gbọ́ ti ọmọ Àmúsá. Àmúsá, ámù Ànábì, kú lójú ogun Úúdù lọ́dún 625, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ ní Mẹ́kà. Lọ́dún 629, nígbà tí Ànábì àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń kúrò ní Mẹ́kà lẹ́yìn Úmúrà, ọmọ yìí sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń ké "yá ámù! yá ámù!" Èèyàn mẹ́ta ló ń du ẹni tó máa tọ́ ọ. Álíì ní bíntù ámù òun ni. Jáfárù, ẹ̀gbọ́n Álíì, ní bíntù ámù tòun náà ni, káálátù ọmọ ọ̀hún sì ni ìyàwó òun, torí Àsímáwù tó wà nílé Jáfárù àti ìyá ọmọ yẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Sáyìdù ní ọmọ arákùnrin òun ni, torí pé Ànábì ti so òun àti Àmúsá pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ànábì dá a pé kí ọmọ lọ sọ́dọ̀ káálátù ẹ̀, pé ipò ìyá ni káálátù wà. Jáfárù ló gbé e lọ sílé. Tó o bá fi "àǹtí" túmọ̀ káálátù níbẹ̀, ìdájọ́ yẹn ò ní yé ẹnikẹ́ni, torí àǹtí lè jẹ́ ti ìhà bàbá náà.

Ẹ tún wo igbe tí ọmọ yẹn ké. Tá a bá ní ká tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ nìkan, Ànábì kì í ṣe ámù ẹ̀, íbínù ámù ẹ̀ ni, torí bàbá Ànábì àti Àmúsá jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà, Sùwáíbà, fún Ànábì àti Àmúsá lọ́yàn, ọyàn sì máa ń sọ èèyàn di ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn, ó wá di ámù ẹ̀ nípa wàrà. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀wọ̀ lásán ni, bí ọmọ ṣe ń pe àgbà.

Ìlò ọ̀wọ̀ yẹn ṣì wà gan-an. Ní Íjíbítì, "yá ámù" ni wàá pe ọkùnrin àgbà tó ń ta tòmátì lẹ́bàá títì, mọ̀lẹ́bí kankan ò sí láàárín yín. Ní Síríà àti Lẹ́bánónì, "ámì" lọ̀pọ̀ ń pe bàbá ìyàwó wọn, ìyàwó ì báà má bá wọn tan rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpínyà ìhà bàbá àti ìhà ìyá ò dé ibi gbogbo nínú èdè yẹn o, "jádù" ni bàbá bàbá, "jádù" náà ni bàbá ìyá, tí wọ́n bá sì fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún un bí àwa náà ṣe ń ṣe.