Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́: Ohun tí fọ́tò àwòṣe ń ṣe sí ojú ènìyàn

Ká sọ pé ọkùnrin kan fẹ́ àwòrán ara rẹ̀ nínú kóòtù, èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fún ẹ̀rọ ayàwòrán gẹ́gẹ́ bí àwòṣe, ìyẹn ètò AI tó ń hùmọ̀ àwòrán tuntun láti inú fọ́tò tí a bá fún un. Sẹ́lífì ni. Ó na ọwọ́ yà á, fóònù wà ní ọ̀gangan àyà rẹ̀, fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé wà lẹ́yìn rẹ̀, WhatsApp ló sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán tó jáde mọ́ kedere, kóòtù náà sì bá a mu. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Ta lèyí? Àbí àbúrò yín ni?” Imú ti fẹ̀ sí i, párì ti wúwo, etí ti súnkì, àmì dúdú kékeré tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sì ti pòórá. Yàtọ̀ sí àmì yẹn, inú fọ́tò tí ó fún ẹ̀rọ ni gbogbo àṣìṣe náà ti wá.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ ayàwòrán sábà máa ń gbà mọ ojú ẹnìkan. Èkíní ni kí wọ́n fi fọ́tò mélòó kan kọ́ ẹ̀rọ náà ní ojú ẹni yẹn ní pàtó, bí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní DreamBooth, tó jáde ní ọdún 2022, tí fọ́tò mẹ́ta sí márùn-ún lè tó fún. Èkejì kò nílò ẹ̀kọ́ kankan, fọ́tò kan ti tó o: IP-Adapter FaceID àti InstantID wà ní ẹgbẹ́ yìí, òun sì ni ọkùnrin wa lò. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wá ibi tí ojú wà nínú fọ́tò, á wá fi àmì sí ibi márùn-ún: ẹyinjú méjèèjì, ṣóńṣó imú, àti igun ẹnu méjèèjì. Àmì wọ̀nyí ló fi máa ń yí ojú náà tọ́ tí ó sì fi ń gé e sínú àpótí kékeré, tí ó sábà máa ń jẹ́ písẹ́lì 112 ní ìbú àti 112 ní òró. Lẹ́yìn náà, á sọ àpótí náà di nọ́ńbà 512. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ẹ̀rọ tó ń yàwòrán gan-an ń gbà gẹ́gẹ́ bí “ojú” ọkùnrin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹlẹgẹ́ nìyí. Ẹ̀yà tó ń ṣe nọ́ńbà 512 yẹn, ìdánimọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún: kí ó lè sọ pé ẹni tó wà nínú fọ́tò ti òní ni ẹni tó wà nínú ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Nítorí náà wọ́n kọ́ ọ láti gbàgbé ohun tó máa ń yí padà, bí òjìji, bí ẹni náà ṣe yíjú, bí irun ṣe rí. Èèyàn lè rò pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́tò èyíkéyìí á ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbàgbé náà kì í pé. Bí fọ́tò bá jẹ́ ẹyọ kan, díẹ̀ lára òjìji àti ìtẹ̀sí rẹ̀ á bá ojú wọlé, ẹ̀rọ kò sì ní fọ́tò mìíràn tí yóò fi mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni náà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ yẹn. Níbi tí nọ́ńbà kò bá sì ti sọ nǹkan gúnmọ́, ẹ̀rọ kì í fi àlàfo sílẹ̀. Ojú àìmọye ènìyàn tó ti rí rí ló máa fi dí i.

Ẹ jẹ́ ká mú imú. Lẹ́ńsì fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bú pé ó ń fẹ imú, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà ṣe sún mọ́ ojú tó ni ìdí rẹ̀. Etí àgbàlagbà máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 wà lẹ́yìn ṣóńṣó imú rẹ̀. Bí fóònù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí imú, ó wà ní 52 sí etí. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló ń tóbi. Ẹ pín 52 sí 40, ẹ ó rí 1.3. Ìyẹn ni pé fọ́tò náà ti fi ìdá 30 nínú 100 sọ imú di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ bí a bá fi wé etí. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà 2, 212 tí a pín sí 200 jẹ́ 1.06, ìyàtọ̀ tí ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ojú tí a ń rí láti òkèèrè díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sún mọ́ èyí tí àwọn ará ilé ẹni mọ̀.

Fóònù tó wà ní ọ̀gangan àyà wá fi kún un. Láti ìsàlẹ̀, àgbọ̀n àti párì ló sún mọ́ kámẹ́rà jù, iwájú orí sún sẹ́yìn ó sì kúrú, ihò imú hàn. Bí a bá ń wo fọ́tò náà, a mọ̀ pé láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti yà á, ọkàn wa á sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í sábà ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún fọ́tò kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ní kí ó ya ọkùnrin náà bí ẹni tó kọjú síni gan-an, ó gbé párì ńlá náà wá síbi tí kò yẹ ẹ́.

Ẹni tó bá wá sá fún èyí tí ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tún kó sínú òmíràn. Bí ojú bá yí kọjá nǹkan bíi dígírì 45, ẹyinjú kan àti igun ẹnu kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ pamọ́, ẹ̀rọ á máa méfò ibi tí àmì rẹ̀ wà, apá tí kò rí á sì di ẹ̀dà apá tó rí. Kò sì sí ènìyàn tí apá méjèèjì ojú rẹ̀ dọ́gba délẹ̀. Fọ́tò tó kọjú síni gan-an ni ìpìlẹ̀ tó dára jù, ṣùgbọ́n òun náà kò lè sọ bí imú ṣe yọ síwájú tó. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ń gba ju fọ́tò kan lọ, èyí tó yí díẹ̀ sí ọ̀tún àti èyí tó yí díẹ̀ sí òsì, bíi dígírì 30, ló yẹ kó tẹ̀ lé e. (Àwọn fóònù kan máa ń tọ́jú sẹ́lífì bí ẹni wo dígí: àmì tó wà lósì á bọ́ sọ́tùn-ún. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára aṣọ, bí ó bá kọ ẹ̀yìn, ẹ yí fọ́tò náà padà kí ẹ tó lò ó.)

Ní ti písẹ́lì, iye tó wà lórí ojú nìkan ló ṣe pàtàkì. Fọ́tò ẹgbẹ́ lè ní písẹ́lì 4000 ní ìbú, kí ojú ẹnìkan nínú rẹ̀ má ju 60 lọ. Nínú àpótí 112 tí a sọ ṣáájú, ẹyinjú méjèèjì máa ń jìnnà síra tó nǹkan bíi písẹ́lì 35. Bí ẹ bá wọn ti inú fọ́tò yín tí kò tó bẹ́ẹ̀, fífà ni ẹ̀rọ máa fà á, ohun tí wọ́n bá sì fà kò ní ìmọ̀ tuntun nínú.

Ìwọ̀n yìí náà ló pa àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin wa. Ẹyinjú àgbàlagbà máa ń jìnnà síra tó nǹkan bíi mìlímítà 63. Bí mìlímítà 63 bá di písẹ́lì 35, àmì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4 á di písẹ́lì méjì péré, ẹ̀yà tí wọ́n kọ́ láti fojú fo nǹkan kéékèèké á sì kà á sí ìdọ̀tí. Fọ́tò tó mọ́ jù láyé kò lè gbà á là ní ọ̀nà yìí. Nínú ọ̀nà ti DreamBooth, tí wọ́n lè fi àwòrán písẹ́lì 1024 kọ́ ẹ̀rọ, tí ẹyinjú sì lè jìnnà síra tó 300, àmì kan náà á tó písẹ́lì 19. Ibẹ̀ ni fọ́tò tó mọ́ ti ń wúlò.

Ohun tó burú ju fọ́tò kékeré lọ ni fọ́tò kékeré tí wọ́n fi áàpù “tún ṣe”. Áàpù bẹ́ẹ̀ kì í wá ohun tó sọnù rí, ṣe ló ń hùmọ̀ òmíràn. Ní ọdún 2020, wọ́n fi fọ́tò Barack Obama tí wọ́n ti sọ di bàìbàì sínú irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PULSE, ojú òyìnbó ló gbé jáde. Ẹ lè fi èyí dá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ̀: irun ìpéǹpéjú á mú bí abẹ́rẹ́, àwọ̀ ojú á dán láìní ihò kankan, ṣùgbọ́n etí àti ẹsẹ̀ irun orí á ṣì ṣe bàìbàì.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù, òun ni mo sì rò pé ó ń ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú ní jàǹbá jù. Kámẹ́rà ń fi nọ́ńbà láti 0 dé 255 kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ẹni, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù kí fèrèsé má baà funfun jù, gbogbo ojú á sì rọ́ sí ìsàlẹ̀, bóyá láàárín 15 sí 45. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń sọ bí egungun abẹ́ rẹ̀ ṣe yọ. Ọgbọ̀n nọ́ńbà kò tó o sọ. WhatsApp tún wá ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ jù nù. Bí ẹ bá mú un mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ tó ní pátipàti ni ẹ ó rí.

Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ náà ní tirẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ń sọ ihò ojú di kòtò, ẹ̀rọ á sì ya ẹni náà bí ẹni tó dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Iná olóbìrípo tí wọ́n ń gbé síwájú ojú ń pa gbogbo òjìji rẹ́, imú á sì tẹ́. Iná pupa rúsúrúsú ń ti àwọ̀ ara síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kò lè ya àwọ̀ gílóòbù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó gbòòrò, tó wà níwájú ẹni ṣùgbọ́n tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló dára jù: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á ṣókùnkùn díẹ̀ ju èkejì lọ, ìyẹn sì ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ojú ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ máa ń fún àwòrán ní máàkì ìjọra. Ẹ má fi gbogbo ara gbà á. Bí ẹ̀yà tó ṣe nọ́ńbà 512 bá tún ni ó ń fúnni ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń máàkì ìdánwò ara rẹ̀ ni. Ẹ mú fọ́tò mìíràn tí ẹ kò fún ẹ̀rọ, tí wọ́n yà láti òkèèrè díẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí ẹ̀rọ yà, kí ẹyinjú jìnnà síra bákan náà nínú àwọn méjèèjì, kí ẹ wá wo ìbú imú, ìbú párì àti ibi tí ẹnu wà.

Ọkùnrin wa tún un ṣe. Ó gbé fóònù ka orí pẹpẹ ní ọ̀gangan ojú, ó dúró ní mítà 2, ó kọjú sí fèrèsé, ó lo kámẹ́rà ẹ̀yìn, ó sì gba Document nínú WhatsApp fi í ránṣẹ́ kí wọ́n má baà fún un pọ̀. Imú padà sí ìwọ̀n rẹ̀, párì fúyẹ́, etí yọ jáde. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ni, ó wá béèrè àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyẹn kò padà, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á sí i.