Kì í ṣe ẹnu ló kó bá obìnrin tó ní PCOS

Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ n'Íbàdàn máa ń fi kànìnkàn ha ọrùn ẹ̀ ní balùwẹ̀ títí ara á fi bó, torí wọ́n ń sọ fún un pé kì í wẹ̀ dáadáa. Dúdú yẹn ò lọ, ó ki, ó sì rí múlọ́múlọ́ bí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Àádọ́rùn-ún kílò ló wọ̀n nígbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá sì rí i, "dín oúnjẹ kù" náà ni wọ́n á sọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé nǹkan oṣù ẹ̀ ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló rí i láàárín ọdún kan!

Ohun tí wọ́n ń pè ní PCOS nìyẹn, àìsàn họ́mónù tó ń da nǹkan oṣù obìnrin rú, àwọn èèyàn sì gbà pé wọ̀bìà ló ń fà á, pé tí obìnrin bá ti pa ẹnu mọ́, á jò. Irọ́ ni o. Ṣebí àwọn obìnrin tín-ín-rín náà ń ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ínsúlíìnì, họ́mónù tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kó lè wọ inú ẹran ara. Ní ara ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, ìlẹ̀kùn yẹn kì í tètè ṣí, ara á wá máa tú ínsúlíìnì sí i, á tú u sí i, títí á fi pọ̀ lẹ́jẹ̀. Òun ló ń mú ọrùn dúdú bẹ́ẹ̀. Tí ínsúlíìnì bá sì pọ̀, ara á máa kó ọ̀rá pamọ́, kì í fẹ́ yọ ọ́ lò, á tún máa ti ilé ẹyin pé kó ṣe họ́mónù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ló ń hu irun sí àgbọ̀n, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹyin gbó. Àwọn ẹyin tí ò gbó yẹn ló tò bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú síkáànù, kì í ṣe kókó, kì í ṣe fáíbírọ́ọ̀dù, kò sì sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀ tí àgbo fẹ́ fọ̀. Ọ̀rá inú ikùn náà tún ń mú kí ìlẹ̀kùn yẹn le sí i, ló bá di pé ọ̀kan ń ti èkejì.

Àbúrò mi fi èso àti omi nìkan ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jo kílò mẹ́rin, kò pé oṣù méjì tí gbogbo ẹ̀ padà, torí ebi àpafẹ́ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹran ara mọ́ ọ̀rá, ẹran ara yẹn gan-an ló sì yẹ kó máa gba ṣúgà.

Dókítà tó wá rí i kọ́kọ́ yẹ ṣúgà ẹ̀ àti táírọ́ọ̀dì wò, torí àwọn àìsàn míì náà ń dá nǹkan oṣù dúró. Kò ní kó má jẹ ẹ̀bà mọ́. Ẹ̀bà tó tó ìkúùkù ẹ̀ ni, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló sì máa kọ́kọ́ jẹ kó tó fọwọ́ kan òkèlè. Láàárọ̀, ẹ̀wà àti ẹyin ló rọ́pò búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà. Tó bá jẹun alẹ́ tán, á rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ládùúgbò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 sókè sódò, á dìde lórí àga á tún jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́nà mẹ́ta. Èyí ló wú mi lórí jù, torí nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó lè fa ṣúgà wọlé láì dúró de ínsúlíìnì rárá. Dókítà tún kọ mẹtifọ́mììnì 500 fún un, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, inú ń run ún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Oògùn yẹn ń ran ínsúlíìnì lọ́wọ́ ni, òun nìkan kì í mú èèyàn jò púpọ̀.

Ẹ má retí ogún kílò o. Tí ẹni tó sanra bá jo márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀, ó lè tó kí nǹkan oṣù padà. Fún àbúrò mi, ìyẹn ò ju kílò mẹ́rin ààbọ̀ lọ, oṣù mẹ́fà ló gbà á, síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti ń tú ní ìbàdí kí òṣùwọ̀n tó sọ nǹkan kan. Láàárín oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ó rí nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá pa á tì, á padà ni, torí PCOS kì í lọ pátápátá. Ẹni tó bá sì ti pé oṣù mẹ́ta tí ò rí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, kó lọ rí dókítà, torí awọ inú ilé ọmọ á máa nípọn sí i láì wálẹ̀, ó sì lè di jẹjẹrẹ tó bá pẹ́.

Ọrùn ẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ó ti kó kànìnkàn líle yẹn dànù.