Iná kọ́ìlì híítà púlọ́ọ̀gì nínú ọkọ̀ dísẹ̀lì

Iná kọ́ìlì ni iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán wáyà lílọ́, tó máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ dísẹ̀lì tí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì kíkì ọkọ̀. Ó túmọ̀ sí pé híítà púlọ́ọ̀gì, ìyẹn irin kékeré tó ń fi iná bátìrì mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kí ọkọ̀ tó kíkì, ń gbóná lọ́wọ́. Tí iná náà bá kú, awakọ̀ lè kíkì.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìn ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi gbóná débi tí epo tó bá wọlé yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tútù, irin ẹ́ńjìnnì máa ń fa ooru yìí mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì tí òtútù mú kì í yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, tí afẹ́fẹ́ sì ń ráyè jò.

Mẹ̀sídíìsì 240D, tó ń lo ẹ́ńjìnnì OM616 onísílíńdà 4, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Yàrá kékeré kan wà lókè sílíńdà kọ̀ọ̀kan tí epo ti kọ́kọ́ ń gbiná, irin tó yí yàrá náà ká sì pọ̀, nítorí náà ó nílò híítà ju ẹ́ńjìnnì tí epo ń wọ sílíńdà tààrà lọ. Lára àwọn ti àkọ́kọ́, wáyà kan ṣoṣo ló so àwọn híítà náà tẹ̀ léra: bí ọ̀kan bá jóná, gbogbo wọn kò ní gbóná mọ́. Ìdúró tó gùn ni wọ́n sì ń bèèrè. Nígbà tó yá, wọ́n fún híítà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, àwọn híítà tuntun náà sì ń gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ètò tuntun yìí ló ń fi àìsàn pamọ́. Bí híítà 1 bá kú, 3 yòókù lè gbé ẹ́ńjìnnì dìde. Yóò máa gbọ̀n, èéfín funfun, ìyẹn dísẹ̀lì tí kò jóná, yóò sì máa jáde títí sílíńdà tó tutù náà yóò fi gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àmì kankan mọ́, ọ̀pọ̀ sì máa ń lọ bá ẹni tó ń tún pọ́ńpù epo ṣe.

Iná kọ́ìlì kì í ṣe ẹ̀rí pé gbogbo híítà dára. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rilé, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná fún híítà, ló ń ka àsìkò iná kọ́ìlì náà. Híítà sì tún lè máa gbóná lẹ́yìn tí iná kọ́ìlì bá ti kú. Láti mọ èyí tó bàjẹ́, a ó tú wáyà orí híítà kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi mítà wọn ìdènà iná láti orí híítà náà dé ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tó dára kì í sábà ju oomu 1 lọ. Èyí tó ti já kò ní fi nọ́ńbà kankan hàn. Àyẹ̀wò yìí ní ààlà: híítà tí mítà gbà lè má gbóná dáadáa ní ṣóńṣó orí rẹ̀.

Lára àwọn ọkọ̀ dísẹ̀lì Fọ́kisíwágìn tí kọ̀ǹpútà ń darí, bí iná yìí bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, àìṣedéédéé nínú ìdarí ẹ́ńjìnnì ló ń fi hàn, híítà púlọ́ọ̀gì sì lè wà láìní àbùkù.