Bí ilẹ̀kùn ìwé ẹ̀rí ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ṣe ṣí fún àwọn adámínì

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1948 ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ pásọ́nẹ́ẹ̀lì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ASPA. Nígbà yẹn, iṣẹ́ náà kò ju fáìlì, owó oṣù àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí.

Òfin ló yí i padà. Ní 1964, ìjọba ka ṣíṣe ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin léèwọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ obìnrin sílẹ̀ kìkì nítorí pé ó ní ọmọ kékeré nílé, nígbà tí wọ́n ń gba ọkùnrin tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè dé kóòtù. Òfin ààbò ibi iṣẹ́ tẹ̀ lé e ní 1970, ti owó ìfẹ̀yìntì ní 1974. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 dé ìdajì, ASPA ti gbé ilé ìdánwò kalẹ̀. Láti ibẹ̀ ni PHR, ìwé ẹ̀rí ìṣàkóso òṣìṣẹ́, ti wá.

Ohun tó ń dí àwọn adámínì, ìyẹn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ní ọ́fíìsì, lọ́wọ́ kò ju ọ̀rọ̀ ìrírí lọ. PHR ń béèrè ọdún 2 lọ́wọ́ ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ yunifásítì, ọdún 4 lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ọdún náà kọ́ ló le, irú iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni. Ká ní ìyáàfin kan ti lo ọdún 6 tó ń to àkókò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tó ń tẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, tó ń kó fọ́ọ̀mù ìsinmi jọ. Gbogbo ọdún 6 yẹn lè já sí òfo, torí àṣẹ àti ìpinnu wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń kọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn tó wá iṣẹ́, tó sì ń dá sí ẹni tí wọ́n máa mú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Èmi a máa ní kí ènìyàn fa ìwé àpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀ yọ kó tó san kọ́bọ̀.

ASPA ti di SHRM ní 1989. Ní 2014, òun àti ilé ìdánwò náà, HRCI, pín gaàrí. SHRM gbé ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, SHRM-CP, jáde, ó sì jẹ́ kí àwọn tó ti ní PHR kí oṣù kìíní 2015 tó parí kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ láìtún ṣèdánwò. Ọjà wá di ti ẹni méjì.

Ní 2016, HRCI mú aPHR wá, ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò béèrè ìrírí rárá. Ìyáàfin wa lè jókòó ṣe é báyìí. Àmọ́ bó bá yege tán, tó wá ń fẹ́ PHR, ọdún ìrírí yẹn ṣì ń dúró dè é.