Báríà Iná Níbi tí Gáàsì Wà: Fóòtì Mélòó Ló Kù fún Tránsímítà?

Inú páìpù ni gáàsì ń gbà wọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Ọbajánà. Níbi tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ bá ti yọ sókè nílẹ̀, tránsímítà kékeré kan sábà máa ń wà lára rẹ̀ tó ń wọn ìfúnpá gáàsì. Wáyà méjì péré ló so ó mọ́ yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Àwọn wáyà yìí ló ń gbé iná lọ fún un, àwọn náà ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ bọ̀: mílíámpù 4 ni òdo, mílíámpù 20 ni òpin ìwọ̀n.

Tí gáàsì bá jò, tí wáyà méjì náà sì fara kan ara wọn, iná lè ta pàrà níbẹ̀. Bí mílíjúùlù 0.28 ti tó láti ran mẹ́ténì tó pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1913, awakùsà 439 ló kú nínú kòtò èédú Senghenydd ní Wales. Lára ohun tí wọ́n fura sí ni iná tó ta lára wáyà agogo tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bẹ́ẹ̀ bátìrì lásán ló ń gbé agogo náà.

Ìdí nìyẹn tí báríà fi ń jókòó sójú ọ̀nà bí oníbodè, níbi tí gáàsì kò dé. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: fíúsì, dáyóòdù Sénà tó ń da iná tó bá pọ̀ jù sílẹ̀, àti résístọ̀ tó ń dín ìṣàn kù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti fóòtì 28 àti óòmù 300. Bí wáyà bá tilẹ̀ fara kanra lóde, 28 tí a pín sí 300 kò lè ju mílíámpù 93 lọ. Wáàtì tó lè gba ibẹ̀ kọjá kò ju 0.65 lọ.

Résístọ̀ tó ń dáàbò boni yìí kan náà ló ń jẹ nínú fóòtì tránsímítà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ká ní iná tó ń bọ̀ jẹ́ fóòtì 24. Báríà, pẹ̀lú fíúsì inú rẹ̀, jẹ́ óòmù 340. Résístọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìṣàn jẹ́ 250, ó sì wà ṣáájú báríà. Wáyà tó gùn tó mítà 350, àlọ àtàbọ̀, jẹ́ bí 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ óòmù 600. Ní mílíámpù 20, fóòtì 12 ti lọ sójú ọ̀nà, 12 ló kù. Bí ara tránsímítà bá kọ ọ́ pé 12 ni ó kéré jù, kò sí àyè kankan mọ́.

Ẹ wá wò ó bí iná tó ń bọ̀ bá rẹlẹ̀ sí 23. Tí tránsímítà bá mú 12 tirẹ̀, fóòtì 11 péré ló kù fún ojú ọ̀nà, 11 tí a pín sí 600 sì jẹ́ mílíámpù 18.3. Tránsímítà kò ní lè kọjá ibẹ̀. Bí òpin ìwọ̀n bá jẹ́ báà 100, ojú kọ̀ǹpútà yóò dúró sí bí 90, ìbáà jẹ́ pé 97 ló wà nínú páìpù. Bí agogo ìkìlọ̀ bá wà ní 92, kò ní dún láé. Ohun tó bani lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀nà iná náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójoojúmọ́ tí ìfúnpá kò bá ga, kò sì sẹ́ni tó máa fura.

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n ni kí wọ́n pàṣẹ fún tránsímítà láti rán mílíámpù 20 jáde, kí wọ́n wá wọn fóòtì lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Mítà tí wọ́n bá lò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fàyè gbà níbi gáàsì.

Ojú ẹni lè kọ́kọ́ lọ sí pé kí wọ́n fi fóòtì kún un, ṣùgbọ́n ibi tí ó lè dé ní òpin. Tí ohun tó dé ẹnu báríà bá ti kọjá bí fóòtì 26, dáyóòdù á bẹ̀rẹ̀ sí í da iná sílẹ̀, ìwọ̀n á máa ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá tún pọ̀ sí i, fíúsì á já, a kì í sì í pààrọ̀ fíúsì náà: báríà tuntun ni. Bí owó bá wà, ìpínyà oní-tránsfọ́mà, ẹ̀rọ tó ń ya iná ìhà gáàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ti yàrá ìṣọ́, ló sàn jù. Ó lè fún tránsímítà ní bí fóòtì 15 ní mílíámpù 20, kò sì nílò wáyà ilẹ̀ báríà.

Wáyà ilẹ̀ yìí sì lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni dáyóòdù ń da iná sí. Bó bá já, báríà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin ni pé kó má ju óòmù 1 lọ. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ olókùúta ìhà Kàbà bá gbẹ, àwọn kan á máa da omi iyọ̀ sí ìdí irin ilẹ̀ kí wọ́n lè rí 1 yẹn. Irin ilẹ̀ kọ́ ni òfin náà ń sọ. Láti ọ̀pá bàbà tí báríà jókòó lé títí dé ojú ilẹ̀ pàtàkì tí iná ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní kí a wọ̀n, lórí wáyà tí kò bá ohunkóhun mìíràn pín ọ̀nà.